Ayé Tí Oòrùn Rẹ̀ Kì Í Rìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í fọkàn tán iyọ̀ pàápàá. Á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó bù ú sọ́bẹ̀, ó ní ṣúgà náà funfun. Tí mo bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ra iyọ̀ yìí," á ní, "Mo mọ̀. Ta ló wà nílé nígbà tí mo jáde?" Èmi nìkan ni mò ń bá a gbé.

Ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń wo ojú-ọjọ́, kí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù orí fóònù tó pè é pé kó wá bá wọn ṣètò ayé kan tí kò sí níbì kankan: afẹ́fẹ́ rẹ̀, omi rẹ̀, ewéko rẹ̀, títí dé ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ yóò máa gbà jẹun. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Ojú-ọjọ́ níbẹ̀. Tábìlì rẹ̀ fara kan ti ayàwòrán wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì.

Ayé tó ṣètò yìí kì í yí ojú kúrò lára oòrùn rẹ̀. Apá kan ń gbóná títí láé, apá kejì wà nínú òkùnkùn títí láé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á ru sókè lápá ọ̀sán, á gba òkè lọ sápá òru, á tutù, á sọ̀ kalẹ̀, á sì tún máa fẹ́ bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀rinrin tó gbé dání á di yìnyín sínú òkùnkùn. Bí kì í bá ṣe pé yìnyín náà wúwo débi tó fi ń rọra sún dé ẹnu ààlà ọ̀sán àti òru, tó ń yọ́ di odò, gbogbo omi ayé náà ni ì bá há sọ́hùn-ún. Ẹnu ààlà yẹn nìkan ni èèyàn lè gbé, lórí ilẹ̀ tóóró kan tí oòrùn ti wálẹ̀ bíi pé ó fẹ́ wọ̀, tí kò sì ní wọ̀ láéláé. Ewé ibẹ̀ dúdú kó lè gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ náà mọ́ra, gbogbo wọn ló sì kọjú síbì kan náà. Kò sí àárọ̀, kò sí alẹ́. Ńṣe ni àwọn ará ibẹ̀ ń pín àkókò oorun láàárín ara wọn, tí apá kan ìlú bá ń sùn, apá kejì á máa ṣọ́nà.

Afẹ́fẹ́ tútù láti inú òkùnkùn ń ṣẹ́ ohun ọ̀gbìn abúlé iwájú, èyí tó sún mọ́ oòrùn jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí Bàbá Ìbejì mọ ògiri gíga kan sẹ́yìn oko wọn láti dí i. Oko náà gbèrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ kí géèmù náà máa dá ṣiṣẹ́ láti dán an wò, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa abúlé ẹ̀yìn, èyí tó wà lápá òkùnkùn; ohun ọ̀gbìn wọn kò so mọ́.

"Ẹnì kan ti fọwọ́ kan odò mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Ó fi fọ́nrán irun kan lé orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó lè mọ ẹni tó ń ṣí i. Irun náà pòórá. Fáànù wà lókè o, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún un? Ó dojú kọ Bàbá Ìbejì.

"Ìyá Ojú-ọjọ́, mi ò dé ibi odò yín," ọkùnrin náà dáhùn, ó wolẹ̀. "Ògiri tí ẹ ní kí n mọ nìkan ni mo mọ."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ọ̀gá wọn. "Kò lè wò mí lójú."

Ọ̀gá ní kí Bàbá Ìbejì lọ jókòó sílé títí tí wọ́n á fi pinnu bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ọmọ méjì ló ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni náà, fọ́nrán irun sì ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé iṣẹ́ náà wálé, ó ti ìlẹ̀kùn, kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn; ojú fèrèsé ni mo ti ń yọjú wò ó. Síbẹ̀, ebi kò kúrò ní abúlé ẹ̀yìn. Ó wo ilẹ̀ oko wọn. Omi wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ó wo ohun ọ̀gbìn. Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń rọ ni. Ìwọ̀nyí ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ wọn sì ṣá bíi ti koríko tó hù lábẹ́ pákó. Ó wá rí i pé òjìji ògiri náà gùn bo oko náà látòkè délẹ̀.

"Mo rò pé á sún," ó wí.

Ó jókòó, ó ń wò ó. Òjìji náà kò mira. Òun ló dá oòrùn yẹn dúró, síbẹ̀ ó mọ ògiri bí ẹni tó ń gbé àdúgbò tiwa, níbi tí ibòji máa ń kúrò lójúde ẹni bó bá yá. Ẹ̀rù bà á. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ó wó ògiri náà, ó sì gbin igi kúkúrú dípò rẹ̀. Ó wá fi òfin lélẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀: orí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síhà oòrùn ni kí wọ́n máa kọ́lé sí, kí ti iwájú má ga ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń gbé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹni tó dí oòrùn mọ́ aládùúgbò ti pa á.

Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, ó lọ kúnlẹ̀ bẹ Bàbá Ìbejì nílé rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò burú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kó tó ya ewé kan ṣoṣo, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Ìyá Ojú-ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ọwọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀ ẹ́ títí pé òun ò fẹ́ wò ó mọ́. Bàbá Ìbejì kò ní bínú, kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ̀gbọ́n mi á fi dìde wá wò ó.