Ẹjọ́ Ilẹ̀ Tí Kò Tíì Parí

Ìyá àgbà kan tó ń dáko kòkó ní Àpòmù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó ní kóòtù ti da ẹjọ́ ilẹ̀ òun nù, òun ò lè pè é mọ́, òun sì ti fi oko sílẹ̀. Ó fún mi ní ìwé ìdájọ́ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá fún un.

Mo gbé e lọ bá lọ́yà kan ní Ìkirè. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, 'òfin kan sọ bẹ́ẹ̀' ni wọ́n kọ síbí. Òfin wo? Nọ́ńbà abala rẹ̀ dà? Orúkọ àwọn tó ṣe ẹjọ́ àtijọ́ tí adájọ́ tọ́ka sí yìí dà, ọdún rẹ̀ dà?"

Inú bí mi. Ògbufọ̀ kóòtù lèmi náà. Mo wá ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò ka gbogbo nọ́ńbà yẹn ní Àpòmù? Mo yọ wọ́n kó lè dùn ún kà ni."

"Kó lè dùn? Ṣé dòdò lò ń dín ni?"

Mo gba ojúlówó ìdájọ́ náà ní kóòtù. Adájọ́ kò da ẹjọ́ nù rárá, bí ìtumọ̀ yẹn ṣe sọ. Ó kàn yọ ọ́ kúrò nínú ìwé kóòtù, torí pé ìwé ìpẹ̀jọ́ kò dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn lè tún un pè. Lọ́yà èyíkéyìí mọ̀ ọ́n. Mo tún un túmọ̀, mo fi nọ́ńbà òfin àti orúkọ ẹjọ́ sílẹ̀ bí adájọ́ ṣe kọ wọ́n, lọ́yà sì ti tún ẹjọ́ pè.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìyá fi oko sílẹ̀, olùjẹ́jọ́ ti gé igi kòkó rẹ̀ lulẹ̀. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, ta ni ká bi nípa ìyẹn?