Ọwọ́ Bàbá Akọ̀wé lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Rhoda

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Kàbà léèrè ẹni tí ọwọ́ ìwé rẹ̀ dára jù lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Thomas ni wọn yóò dárúkọ. Àbúrò bàbá mi ni. Bàbá Akọ̀wé là ń pè é, nítorí akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì N.A., ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó, fún ogún ọdún. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìyìn òkú ni mo fẹ́ kọ.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Kì í jalè, kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Nínú ìwé owó orí tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ẹ kò lè rí ibi tó ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́. Ẹni tó bá pa nǹkan rẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn, olè ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, yóò fa ìlà pupa kan ṣoṣo sórí rẹ̀, tí ẹ ṣì lè ka ohun tó wà nísàlẹ̀, yóò kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò kọ déètì, yóò sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó wá gbà pé kò sí àṣìṣe kan láyé tí kò ní gbọ́ èdè yẹn.

Ní ọdún 1957, ilé ìwòsàn kan ní ìlú òyìnbó gba ẹ̀gbọ́n mi Rhoda láti wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì ìjọ wa. Ẹnì kan péré ni ìjọ rí àyè fún lọ́dún náà. Lẹ́tà ilé ìwòsàn sọ pé kí ó dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, àti pé ẹni tí kò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀. Rhoda há ọ̀rọ̀ yẹn sórí bí ẹsẹ Bíbélì.

Emmanuel, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀ tó sì fi í ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Láti Kánò ni ọkọ̀ yóò ti gbéra ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá. Rhoda tẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì náà ti fo lẹ́tà kan nínú orúkọ rẹ̀. Roda ló kọ.

"Bàbá," ló wí fún bàbá wa, "ẹ jẹ́ kí n dá a padà sí Emmanuel. Ọ́fíìsì tó kọ ọ́ ni kó tún un ṣe. Ọjọ́ méjìlá ṣì wà nílẹ̀."

Bàbá Akọ̀wé ti jókòó síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo? Bó bá sọnù lọ́nà ńkọ́? Rhoda, kí wá ni èmi ń ṣe nílé yìí?"

"Bàbá Akọ̀wé, okun o," Rhoda kí i bí a ti ń kí àgbà nílẹ̀ wa, "ẹ má bínú. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Àwọn tí kò mọ ìlànà ni wọ́n ń bá wí," ó dáhùn.

Bàbá wa, Isaiah Ọlọ́runfẹ́mi, àgbẹ̀ ni, kò mọ̀wé. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Fún un," ló wí. Rhoda sì fún un. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni, mo sì ti bú ìtọ́ni náà ju bí mo ti bú Bàbá Akọ̀wé lọ.

Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tó dé, ìlà pupa ti wà lórí orúkọ, Rhoda wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìwé tó ń dán, déètì wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ N.A. sì wà níbẹ̀ rìbìtì. Bàbá wa fi ọwọ́ pa á. Ó ní ó dára.

Bàbá Akọ̀wé sin Rhoda lọ sí Kánò fúnra rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé wọn. A wọ mọ́tò dé Ìlọrin, a wọ ọkọ̀ ojú irin. Ní àárọ̀ Fúráídé, ọkọ̀ dúró ní Kàdúná. Emmanuel ti ń dúró dè wá pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin sísè. Ó béèrè bóyá ìwé gbogbo pé. Inú àpò Bàbá Akọ̀wé ni wọ́n wà. "Ó pé ṣánṣán," ló wí, kò sì ṣí àpò. Rhoda la ẹnu, Bàbá Akọ̀wé sì wò ó, Rhoda pa ẹnu dé. Ọ́fíìsì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí tí à ń bó ẹyin. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án Sátidé, ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kánò, ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan ló gba ìwé wa. Ó wo páásípọ́ọ̀tù. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni," Bàbá Akọ̀wé wí, ó na àyà. "Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

"Ṣé òṣìṣẹ́ wa ni yín, bàbá?"

"N.A. Kàbà."

Ọkùnrin náà mú un wọlé lọ bá òyìnbó ọ̀gá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde. Àánú wa ń ṣe é, mo rí i.

"Bàbá, ká ní ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, mo lè tún un ṣe fún yín níhìn-ín. Ẹni kan náà ni, lẹ́tà kan ló fò. Ojoojúmọ́ la ń rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì yìí wà ní Kàdúná, èyí kò sì bá a mu mọ́. Ọwọ́ àjèjì ti kàn án. A kò lè gbà á, àfi kí ọ́fíìsì tó kọ ọ́ kọ òmíràn."

"Òǹtẹ̀ ìjọba nìyẹn!"

"Òun gan-an ló bà á jẹ́, bàbá."

Wọ́n fi wáyà, ìyẹn tẹligíráàmù, ránṣẹ́ sí Kàdúná. Ọ́fíìsì ibẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, kò sì ní ṣí títí di Mọ́ńdè. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ gbéra. Rhoda kò sunkún. Ó di wáyà fẹ́ǹsì mú, ó ń wo ọkọ̀ náà títí kò fi rí i mọ́. Bàbá Akọ̀wé ń ṣàlàyé ìlànà fún àga tó ṣófo.

Ní Mọ́ńdè, Kàdúná kọ tíkẹ́ẹ̀tì tuntun kí Emmanuel tó mu tíì tán. Àyè tó kọ́kọ́ ṣófo nínú ọkọ̀ jẹ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún. Wọ́n wáyà sí ilé ìwòsàn. Èsì dé: wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan láti Odò-Ẹrẹ̀ ni ìjọ yàn. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí dìsípẹ́ńsárì, ó ń fọ ojú egbò.

Bàbá Akọ̀wé kò tọrọ àforíjì. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ìlànà ni mo tẹ̀ lé." Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ kò bá yá, títí dé ìlú Ìyámoyè ló ń rìn lọ gba oògùn, kó má bàa bá Rhoda pàdé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó kú.

Káfíńtà tó ṣe àgbélébùú ibojì rẹ̀ kọ ọdún ikú rẹ̀ ní àṣìṣe. Ernest, àkọ́bí rẹ̀, ti gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá sí ìtẹ́ òkú, ó ní òun yóò tún un ṣe kíákíá. Rhoda di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ kàn án," ló wí. "Dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́."

Wọ́n gbé àgbélébùú náà padà fún káfíńtà. Oṣù mẹ́ta ni káfíńtà fi ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la. Koríko bo ibojì, Bàbá Akọ̀wé sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìsí orúkọ. Rhoda máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.