Ìwé Tó Ń Jẹun

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Mùstàfá dúró lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní Ọ̀mù-Àrán, ìwé ẹ̀rí méjì ló ń gbé lé òṣùwọ̀n lọ́kàn. Ti kọ̀ǹpútà yá, ìdánwò kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìdánwò náà, náírà kò sì dúró sójú kan. Bó bá sì di ọdún mẹ́ta, ìwé náà á kú, èèyàn á tún san òmíràn. Ti àwọn oníṣirò owó kì í kú. Àmọ́ ìpele mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dún, ilé ìwé tó lọ béèrè iṣẹ́ ní Arandun sì ní ẹni tó bá parí gbogbo rẹ̀ nìkan làwọn ń gbà.

"Èyí tí kì í kú ni n ó ṣe," ló wí fún Jàrátù ìyàwó rẹ̀, tó ń bu ẹ̀bà fáwọn ọmọ.

Jàrátù ò gbójú sókè. "Bàbá Aliyah, ṣé wọn kì í gba owó ọdọọdún lórí ẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń gbà á. Béèyàn ò bá san, kò ní lè ṣèdánwò."

"Á jẹ́ pé òun náà ń jẹun nìyẹn."

Mùstàfá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sínú ìkòkò ẹ̀bà. Nínú owó tó fi pa mọ́ fún ìwé ni wọ́n ti ń ra gààrí. Bó ṣe ń rò ó síwá-sẹ́yìn, wọ́n ti jẹ owó náà débi tí kò tó èyíkéyìí nínú ìwé méjèèjì mọ́.

"Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé yìí tí ò tíì yó," ni Jàrátù wí. "Ìkẹrin wo lẹ tún fẹ́ bí?"

Mùstàfá ti àwo tirẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ó ní òun ti yó.