Ìyá Nusrat àti Fídíò Ìyá Tíṣà Pius

Ojú ọ̀nà tó lọ sí ọjà ní Ìkàrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù Limota Tìjání wà. Ìyá Nusrat ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Fótókọ́pì àti ìwé títẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ míì tó wọlé dé: kíkó àwòrán àti fídíò láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ owó, ṣùgbọ́n omijé ló fi kọ́ ọ. Lọ́dún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó gé àwòrán ìkómọjáde oníbàárà kan kúrò nínú fóònù kó lè lẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n mú iná lọ lójijì, kọ̀ǹpútà kú, àwòrán mélòó kan sì di àwátì. Láti ọjọ́ náà, kì í gé nǹkan oníǹkan mọ́. Ẹ̀dà ló máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Tíṣà Pius, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Ọ̀ka, wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ bí ojú ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

“Ìyá Nusrat, ẹ gbà mí. Ọ̀la ni ìyá mi yóò pé àádọ́rùn-ún ọdún. Fídíò wọn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ibí. Àjọwá ni wọ́n ti wá, èdè ilé wọn ni wọ́n fi ń pa ìtàn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwa ọmọ tó gbọ́ ọ tán. A fẹ́ wò wọ́n lọ́la, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò rí fóònù yìí. Ẹnì kan ní ó ti bàjẹ́, ó ní kí n nù ún mọ́ pátápátá, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni nù ún o!”

Ìyá Nusrat fi wáyà tí Tíṣà Pius mú wá so fóònù mọ́ láàpútọ́ọ̀pù. Iná ń wọlé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín. “Wáyà ṣáájì lásán lẹ mú wá. Kò ní okùn tí fáìlì ń gbà kọjá nínú.” Ó fa tirẹ̀ yọ, ó ní kí bàbá ṣí títì fóònù, ó sì tẹ ibi tí wọ́n kọ “File transfer” sí. Ọ̀nà là! Inú bàbá dùn, ó fẹ́ wò ó dáadáa, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan wáyà, ọ̀nà tún dí. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú ihò fóònù ti gbò, ó ń mì bí eyín ọmọ ọlọ́dún méje.

“Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù ni?”

“Wásáàpù yóò fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, Daddy, ojú Màmá yóò ṣú. Yóò sì jẹ dátà yín tán.”

“Bùlútúùtù ńkọ́?”

“Bí ìgbín ni. Fídíò kan ṣoṣo lè gba bíi wákàtí kan.”

Bàbá jókòó gbì. Ìyá Nusrat rántí ìyá-ìyá tirẹ̀. Ó ti kú, kò sì sí ẹni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ fóònù.

Ó pa dátà, ó tan họ́tsípọ́ọ̀tì fóònù, ó sì mú kí láàpútọ́ọ̀pù wọ inú rẹ̀. Ó ṣí ibi tí fáìlì ń gbé nínú fóònù, ó tẹ FTP, ọ̀nà tí fáìlì ń gbà kọjá láìsí wáyà, àdírẹ́sì kan sì yọ, nọ́ńbà tẹ̀ lé nọ́ńbà. Ó tẹ nọ́ńbà náà sókè ojú ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí. Kíá, gbogbo àpò inú fóònù hàn lójú láàpútọ́ọ̀pù.

“Láìsí dátà?” Bàbá dìde dúró.

“Láìsí ẹyọ kan. Àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí ni, wọn ò jáde síta.”

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni fídíò kìn-ín-ní gbà. Nígbà tí ó di ìkẹsàn-án, wọ́n mú iná lọ. Bàbá kígbe, “Jésù!” Ìyá Nusrat ò tilẹ̀ mira. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́, ojúlówó sì wà nínú fóònù digbí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, ó ka iye wọn, ó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó tún ṣe ẹ̀dà míì sínú fíláàṣì.

“Ẹ má tíì pa ti inú fóònù rẹ́ o, Daddy.”

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Nusrat fúnra rẹ̀ gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sílé Tíṣà Pius ní Ọ̀ka. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá nínú pálọ̀, ilé kún dé ẹnu ọ̀nà. Ohùn Màmá jáde, ó ń sọ bí wọ́n ṣe sá fún ẹfọ̀n lóko nígbà tó wà lọ́mọbìnrin. Àwọn ará Àjọwá tó wá kí i ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń túmọ̀ fáwọn ọmọ-ọmọ. Tíṣà Pius ń nu ojú.

Màmá fúnra rẹ̀ tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ́, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Pius, ta ló wé irú gèlè yẹn fún mi?”