Bí Ìjókòó Awakọ̀ Ṣe Fẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Mi

Ẹni tí kò bá fi takisí ṣiṣẹ́ rí lè rò pé ìsinmi ni ìjókòó. Èmi tí mo ń jókòó láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, láti Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba n'Ìbàdàn, mo mọ̀ pé ìjókòó lè pa èèyàn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí mi apá ọ̀tún, nígbà tó yá, ó ń ta mí gba ẹ̀yìn itan lọ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mi ò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́. Àga ni mo ń gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí bíi bàbá àgbà, inú àga náà sì ń bí mi.

Gbogbo gáréèjì ló mọ ohun tó ń ṣe mí: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Lọ́dọ̀ wa, bí ìdí bá ti ń dunni, jẹ̀díjẹ̀dí ni, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè. Mo jáwọ́ nínú ṣúgà, mo jáwọ́ nínú ẹ̀pà, mo ń mu àgbo bí ẹni ń mu omi. Ìgbẹ́ gbuuru ká mi mọ́ ọ̀nà Bẹ́yẹrúnká. Mo fi èrò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sá wọ agboolé tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ṣáláńgá hàn mí. Nígbà tí mo padà dé, ìdí ṣì ń ro mí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mò ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Màpó. Mo gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì, mi ò mọ̀ bóyá mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ti kú. Obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọmọ lé itan. Mo fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ fì, ó dúró létí gọ́tà. Obìnrin náà ò bú mi. Ó kàn di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń wò mí. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?

Ìyàwó mi ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kí n lọ rí obìnrin kan tó ń fi ìdárayá tọ́jú ẹ̀yìn àti iṣan. Obìnrin náà ní kí n dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè ní nínà, mo ké. Ó bi mí bóyá mo ń tọ̀ dáadáa, bóyá ojú ara mi ń kú. Mo ní mò ń tọ̀ dáadáa, ojú ara mi ò sì kú. Ó ní bí ìtọ̀ bá dí, tàbí bí ojú ara bá kú, tàbí bí ẹsẹ̀ ò bá gbé mi mọ́, kí n má dúró di ọjọ́ kejì kí n tó sáré wá sí ọsibítù. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀.”

Mo jókòó. Ó wò mí títí.

“Kí ló dé tí ẹ fi ń fì sápá òsì?”

“Èrò méjì ló ń jókòó síwájú, mà. Wọ́n ń fún mi mọ́ ilẹ̀kùn.”

“Lórí ìjókòó ẹnì kan?”

“Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e n'Ìbàdàn.”

Ó ní kí n yọ ohun tó wà lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Ṣẹ́ńjì ni, tí mo fi ọ̀rá wé, ó le bíi bíríkì. Abẹ́ ìdí ọ̀tún gan-an ló ń wà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ó ní iṣan ńlá kan ló ti ẹ̀yìn gba inú ìdí lọ sẹ́sẹ̀, ó jọ pé òun ni mò ń fún mọ́lẹ̀.

Ó ní kí n má wakọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ́ tèmi dáadáa. Tí mo bá padà, kí n sún ìjókòó mọ́ bíréèkì kí n má baà máa na ẹsẹ̀ lé e, kí n ká aṣọ ìnura sí kòtò ẹ̀yìn, kí n máa sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀ kí ọkọ̀ tó kún, kí n má sì ti orí ìjókòó dìde lọ gbé ẹrù wúwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́ mi ní ìnara tí mo ń ṣe lórí ẹní. Gbogbo èyí rọrùn. Èrò iwájú ni kò rọrùn.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ gbọ́ tèmi tí mo padà sí gáréèjì, ọ̀gá tó ń kó èrò sọ́kọ̀ ti ọkùnrin kejì síwájú. Mo ní ẹnì kan péré ni mò ń gbé síwájú.

Ọ̀gá náà ní, “Ṣé ìwọ nìkan ló nídìí ni?” Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

“Ẹsẹ̀ mi kú lórí bíréèkì ní Màpó, ọ̀gá. Ìyálọ́mọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta lẹ fẹ́ kí n pa?”

Ọ̀gá náà ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀. Ó ní láti òní, ẹ̀yìn pátápátá lórí ìlà ọkọ̀ ni kí n máa tò sí. Bó ṣe ń lọ ni mo rí i pé òun náà ń tiro, ó fọwọ́ ti ìbàdí.

Ìrora náà kò tíì lọ tán, iye ìgbà tí mò ń gbérò sì ti dín kù. Lọ́jọ́ tí mo padà náà, nígbà tí mo dé orí òkè Màpó, mo gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó máa sọ̀ kalẹ̀.