Ìyá Kànga Kò Wọ Àtòjọ

Ọdún méjìdínlógún ni Ìyá Kànga, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wa, fi wọn omi. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, á ju okùn sínú kànga mẹ́rìnlá, á kọ bí omi ṣe jìn tó sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé iyọ̀ ń wọ inú omi náà. Ó sọ ọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá wa.

Èmi ni mò ń ṣe àtòjọ àwọn ìwé ìtọ́kasí sẹ́yìn ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, Ìyá Kànga wọlé tọ̀ mí wá. Ìgbìmọ̀ ìgbéga yóò jókòó lópin ọdún, kò sì ní sí òmíràn kó tó fẹ̀yìn tì.

"Àtòjọ nìkan ni wọ́n máa ń ṣí wò, ọmọ mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Rárá, Mà. Inú ìwé gan-an lẹ wà, láàárín àkámọ́: orúkọ yín, 'ọ̀rọ̀ àjọsọ', àti ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́. Òǹkàwé ò lè rí ohun tí ẹ fẹnu sọ wá kà. Kì í wọ àtòjọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tí Ọ̀gá ní òun ń kọ lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́fà, tó wà nínú àtòjọ, ńkọ́? Ṣé ìwọ ti rí i kà ni?"

N kò rí ojú ewé kan. Síbẹ̀, àyè wà fún àfọwọ́kọ tí a ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àtòjọ, bí a bá ti sọ pé a kò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ kọ tiyín náà. Tó bá ti di àfọwọ́kọ, màá fi sí i."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ ọ́, ojú ewé mọ́kànlélógún. Ó wá ṣe àṣìṣe tí gbogbo wa níbẹ̀ máa ń ṣe: ó ní kí Ọ̀gá kọ́kọ́ bá òun wò ó.

"O ṣeun, ìyá," ni Ọ̀gá wí. "Fi sílẹ̀. Màá tún un ṣe díẹ̀."

Ní oṣù kẹwàá, Ọ̀gá na lẹ́tà kan sí mi. Jọ́nà ìwádìí kan ti gba iṣẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò tẹ̀ jáde. "Pa 'tí a ń kọ lọ́wọ́' rẹ́. Kọ 'tí yóò jáde láìpẹ́'." Mo ṣí iṣẹ́ náà. Kànga mẹ́rìnlá. Kódà, òfìfo tí Ìyá Kànga fi sílẹ̀ lọ́dún tí kànga kẹsàn-án ya lulẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló wà lókè.

"Ìyá Kànga ńkọ́, sà?"

"Ṣebí ó wà nínú àkámọ́? Àbí o fẹ́ ki ọ̀rọ̀ ẹnu bọ àtòjọ? Ìwọ lo mọ òfin."

Lẹ́tà jọ́nà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wí. Ìgbìmọ̀ ṣí àtòjọ, wọn kò rí orúkọ Ìyá Kànga, wọ́n pa á dé.

Ó ku ohun kan. A kì í lo ọ̀rọ̀ àjọsọ láìjẹ́ pé ẹni tó sọ ọ́ gbà. Mo gbé ìwé ìyọ̀ǹda lọ bá a níbi tó ti ń di ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Ó kà á tán, ó dé ìdérí bírò.

"Sọ fún Ọ̀gá pé n kò bá a sọ nǹkan kan."

Mo yọ àkámọ́ náà kúrò. Ọ̀gá fi iṣẹ́ tirẹ̀ tí yóò jáde láìpẹ́ dí àyè rẹ̀. Ìwé náà ti jáde báyìí, àtòjọ rẹ̀ péye. Èmi ni mo tò ó.