Aṣọ Akọrin Tó Ń Lẹ̀ Mọ́ Wa Lára Nígbà Ọyẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Oyinadé jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ le bí èèpo àgbọn, nítorí ọdún pípẹ́ ló fi so òwú tó ń já lórí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Ẹ̀rọ kì í dúró de èèyàn. Òun ló ń sáré lọ sáré bọ̀ níwájú ẹ̀rọ, bí ìyá tó bí ìbẹta tí gbogbo wọn ń sunkún pọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ojú sọ̀rọ̀, torí ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Títí di òní, bí Oyin bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ti gbọ́ ohun tó fẹ́ wí.

Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, tí ìjọba ṣọ́jà ní ká fún bẹ́líìtì mọ́ra, àwa tí a kò ní bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìró. Ilé-iṣẹ́ náà dá àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Oyin sì wà nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà nílé ìwé. Kò sunkún lójú wa. Ó gba yàrá kékeré kan tó kọjú sí títì lójúlé tó dojú kọ tèmi ní Agége, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un síbẹ̀, ó sì di aránṣọ. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣí i pé, “Ìyá Tẹ́jú, ibi tí mo bá a dé nìyí o. Bí ṣọ́ọ̀bù yìí kò bá dúró, Ìjẹ̀bú ni mò ń kó àwọn ọmọ yìí lọ, kí n lọ máa yan gàrí.”

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó rí gbà ni aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ohùn kejì ni mò ń kọ, Ọlọ́run sì ń mú sùúrù fún mi. Bàbá Àlàmú, alàgbà tó ń bójú tó ẹgbẹ́ akọrin, ló yan aṣọ náà fúnra wọn. Pọ́líẹ́sítà ni, aláwọ̀ àlùkò, ó ń dán. Wọ́n ní aṣọ tí kì í rún ni àwọn fẹ́, torí àwọn ti rí i pé àwa obìnrin máa ń ká aṣọ ìjọ mọ́ abẹ́ apá bí ẹni ká ẹní.

Ìgbà òjò ni Oyin rán an. Lójoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń tutù, ògiri ń làágùn, kódà iyọ̀ inú agolo mi ń dì. A lọ wọ̀ ọ́ wò lórí ìró àǹkárá tí a ró láti ilé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ rẹ́rẹ́. Nígbà ìkórè inú oṣù kẹwàá, a wọ̀ ọ́, a tò wọlé, gbogbo ìjọ sì yíjú wò wá. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù Oyin. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín nìkan níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìkórè ni Bàbá Àlàmú ní àwọn ní àbá kan. Wọ́n ní ìró tí a ń ró sábẹ́ aṣọ akọrin ń mú kí ìdí wa rí bí àpò ìrẹsì, kò sì yẹ ilé Ọlọ́run. Wọ́n ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan bọ́ ìró, kó wọ pẹ́tíkóòtù funfun gígùn, nítorí ìwà mímọ́. A gbà. Obìnrin wo ni kò fẹ́ pẹ́tíkóòtù tuntun? Gbogbo wa lọ ra ti nàílọ́ọ̀nù, èyí tó ní léèsì létí, tó ń yọ̀ bíi ọṣẹ.

Ni ọyẹ́ bá dé. Ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, gìgísẹ̀ ń là, eruku bo ewé. Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí a wọ aṣọ akọrin nínú ọyẹ́ yẹn, a kò tíì dé àárín ilé ìjọsìn tí aṣọ fi gun orí itan wa, tó lẹ̀ mọ́ ọn bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fà á kúrò, ó padà. Olúwafúnkẹ́mi, tó ń kọ ohùn kìn-ín-ní, mú ìwé orin dání lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì gba aṣọ rẹ̀ kúrò lára bí ẹni ń lé eṣinṣin. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, orin ọjọ́ yẹn wọ̀ wọ́n lára ju ti ìgbàkígbà lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Àlàmú pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ní kò sí ẹni tí kò mọ bí itan wa ṣe rí mọ́ ní gbogbo Agége. Wọ́n ní bóyá pẹ́tíkóòtù kan kò nípọn tó, kí a wọ méjì. A wọ méjì lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ̀yin ará, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pẹ́tíkóòtù ń lẹ̀ mọ́ pẹ́tíkóòtù, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ méjèèjì, bí a bá sì fà á, á dún tá-tá-tá bí àgbàdo tí wọ́n ń yan.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Oyin. Àwọn kan ní aṣọ tí kò dára ló fi rán an, àwọn kan ní ọwọ́ rẹ̀ ni kò dára. Ẹgbẹ́ wa gbààwẹ̀ ọjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ náà, èmi gan-an ló sì darí àdúrà. Àwọn alàgbà wá pinnu pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọdún tuntun, àwọn yóò kó gbogbo aṣọ náà padà fún Oyin, aránṣọ mìíràn ni yóò sì rán òmíràn. Ìròyìn náà kò tíì tutù tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ tí Oyin kò tíì gé. Ó ń dá a padà fún wọn láìjiyàn. Nígbà tí mo rí i tó ń kó àwọn òwú rẹ̀ sínú páálí, mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ló ń wò.

Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tí NEPA mú iná lọ. Ó ń bọ́ aṣọ akọrin tèmi, tí mo gbé wá kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, kúrò lára pẹ́tíkóòtù tó lẹ̀ mọ́ ọn kó lè ká wọn. Bó ṣe fa méjèèjì ya, iná kéékèèké tàn láàárín wọn, aláwọ̀ búlúù, tá-tá-tá. Mo pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Oyin kò pe ẹnikẹ́ni. Ó tún lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó tún fà wọ́n ya, iná tún tàn. Ó jókòó lórí àpótí.

Ó ní, “Ìyá Tẹ́jú, mo mọ iná yìí. Ìkẹjà la ti pàdé.”

Ó sọ fún mi pé nílé-iṣẹ́ àwọn, nígbà ọyẹ́, òwú pọ́líẹ́sítà máa ń dìde dúró bí irun ológbò, á lẹ̀ mọ́ irin, á máa já. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gàníyù, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa mú omi tó kúnná bí ìrì jáde láti inú páìpù òkè àjà, kí afẹ́fẹ́ yàrá náà lè tutù. Òjò ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ omi Gàníyù bá bàjẹ́, ẹkún ni. Níbi tí wọ́n ti ń ran òwú oko, èyí tí àgbẹ̀ ń gbìn, ìdààmú náà kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ló wá kan itan tèmi. Ó ní bí aṣọ méjì tí kò jọra bá ń fi ara ra ara, ọ̀kan á gba iná díẹ̀ lára èkejì. Èyí tó gbà àti èyí tó fún un á wá máa wá ara wọn bí ọkọ àti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Pọ́líẹ́sítà àti nàílọ́ọ̀nù ló sì ń ṣe é jù. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ á bo ara aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, iná náà á tipasẹ̀ rẹ̀ sá lọ. Nígbà ọyẹ́, kò rí ọ̀nà gbà, á dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú oko ń mu omi sínú ara rẹ̀, àní nínú ọyẹ́ ó ṣì ń fi díẹ̀ pamọ́. Iná kì í pẹ́ lára rẹ̀.

Ó lu orí ara rẹ̀. “Ìró àǹkárá. Òwú ni. Òun ló ń gbà wá láti ọjọ́ yìí, a wá bọ́ ọ sọnù. Èmi tí mo wà nídìí òwú láti kékeré! Mo rò pé inú ilé-iṣẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé.”

Ó tan fìtílà. Ó ní kí n wọ aṣọ akọrin lórí nàílọ́ọ̀nù, kí n máa rìn. Mo rìn ní ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ̀ mọ́ mi. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó fi nù ún, aṣọ náà fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó gbẹ, ó padà. Ó wá gé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òwú rẹ̀ kan, ó rán an pọ̀ wàràwàrà, ó ní kí n fi rọ́pò pẹ́tíkóòtù. Mo rìn títí ó fi rẹ̀ mí. Aṣọ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Àlàmú ló kù. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ ni. Oyin kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀, ojú wọn le.

“Oyinadé, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ìwà mímọ́ ló ń tú wa síhòòhò?”

“Rárá o, Bàbá. Nàílọ́ọ̀nù ni. Ìwà mímọ́ kò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kàn fi òwú wọ̀ ọ́.”

Wọ́n ní kí a lọ dán an wò, ṣùgbọ́n ìpinnu àwọn alàgbà kò yí padà.

Kò sí aṣọ òwú funfun nílẹ̀, nítorí náà obìnrin kọ̀ọ̀kan mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tirẹ̀ wá. Ọkọ mi sùn lórí ẹní fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì sọ fún un pé ẹbọ ọpẹ́ ni. Oyin fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ọyẹ́ le débi pé ìwé orin ń ká ara rẹ̀ sókè. A tò wọlé. Mo ń wo ìsàlẹ̀ ju bí mo ṣe ń wo pẹpẹ, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Aṣọ gbogbo wa ń mì fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ yíká wa. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fa tirẹ̀: Olúwafúnkẹ́mi, tí kò lè fi pẹ́tíkóòtù oníléèsì rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìjọ rí òun, wọ́n rí wa, kò sí ẹni tó tún nílò àlàyé. N kò ní purọ́, kò tán pátápátá: pọ́líẹ́sítà ṣì ni aṣọ òkè, bí mo sì ṣe fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn, iná náà ta mí. Ṣùgbọ́n itan wa di tiwa padà.

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ aránṣọ mìíràn. Oyin tú páálí òwú rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá Àlàmú wá bá èmi àti Oyin ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wọlé. Wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ṣòkòtò pọ́líẹ́sítà wọn ti gun ojúgun, ó lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ pinpin.

Oyin kò rẹ́rìn-ín. Ojú ló fi sọ̀rọ̀ fún mi, mo bá wo ìta.

“Bàbá, nàílọ́ọ̀nù ni ìbọ̀sẹ̀ yẹn?”

“Ọmọ mi ọkùnrin ló rà á.”

“Ẹ wọ ti òwú, sà. Kí ẹ sì mú àwọn ṣòkòtò náà wá, kí n fi òwú tẹ́ inú wọn.”

Wọ́n mú gbogbo wọn wá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìjọ fẹ́ rán aṣọ akọrin tuntun, Bàbá Àlàmú fúnra wọn ló dìde láàárín àwọn alàgbà, wọ́n ní aṣọ tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn fẹ́, bó tilẹ̀ ń rún, Oyinadé ni yóò sì rán an. Bí wọ́n ṣe jókòó padà, wọ́n tún ẹnu ṣòkòtò wọn ṣe. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn.